Garawa tókìn àti garawa tó ń jò: ìdí tí fáìlì fi ń sáré, tó sì tún ń wọ́

Ẹni tó bá ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì kan ní Yábàá á ti rí i rí: nọ́ńbà tó ń ka ìwọ̀n tó ti lọ á kọ́kọ́ sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kò ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́. Nígbà púpọ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ráútà ló ń ṣírò.

Ká mú ilé ìyàwòrán kan níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń san jẹ́ ti 8 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 1,000 kílóbáìtì. Ṣùgbọ́n okùn tó wọ ilé náà lè gbé ìlọ́po mẹ́wàá, 10,000 kílóbáìtì. Nǹkan kan ní láti máa dá okùn yìí dúró kó má baà kọjá ohun tí wọ́n sanwó fún. Ọ̀nà méjì tó gbajúmọ̀ jù ló ń jẹ́ orúkọ garawa.

Garawa tó ń jò rọrùn láti rí lọ́kàn. Bí mẹ́rúwà bá da kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan sínú garawa tó ní ihò kékeré nídìí, ká gbà pé omi tó ń jáde nísàlẹ̀ kò ní yára ju bó ṣe máa ń rí lọ. Bí garawa bá kún, èyí tó kù á ṣàn dànù. Pákẹ́ẹ̀tì dátà, ìyẹn ègé kéékèèké tí wọ́n ń gé fáìlì sí kó tó rìn, ni omi náà.

Garawa tókìn kò gba dátà sínú rárá. Àṣẹ láti jáde ló wà nínú rẹ̀, tókìn sì ni orúkọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Tókìn ń kán sínú rẹ̀ ní 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kílóbáìtì kan tó fẹ́ jáde á sì mú tókìn kan dání. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan ránṣẹ́, tókìn á máa pọ̀ sí i títí garawa á fi kún, ká sọ pé ní 2,000. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó bá kán sí i ti ṣòfò. Ìyàtọ̀ gidi tó wà láàárín méjèèjì nìyí: ti tókìn máa ń rántí pé o sinmi, ti ihò kì í rántí.

Ilé ìyàwòrán náà wá fẹ́ fi fótò tó jẹ́ 5,000 kílóbáìtì ránṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi. Kọ̀ǹpútà wọn dà á sórí ráútà láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Lábẹ́ garawa tókìn, dátà ń jáde ní 10,000 nígbà tí tókìn ń wọlé ní 1,000, nítorí náà ìṣúra ń dín ní 9,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tókìn 2,000 á tán ní nǹkan bí 0.22 ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbà yẹn ni eré parí. Èyí tó kù á tò lẹ́yìn, á sì máa lọ ní 1,000. Gbogbo rẹ̀ á gba ìṣẹ́jú àáyá 3, nítorí pé 2,000 tó wà ní ìpamọ́ pẹ̀lú 1,000 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 5,000.

Fótò kan náà lábẹ́ garawa tó ń jò á gba 5. Bí àyè inú garawa náà bá jẹ́ 2,000 péré, 2,500 kílóbáìtì á ṣàn dànù, kọ̀ǹpútà á sì ní láti tún un fi ránṣẹ́. Kí ohunkóhun má baà sọnù, garawa gbọ́dọ̀ gba 4,500, ìyẹn ni pé pákẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4.5. Ẹni tó ń fi fóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ lórí ìlà kan náà ni á jẹ ìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tókìn kì í ṣe owó ọ̀fẹ́. Bí fótò bá ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá 5-5, garawa á ti tún kún kí òmíràn tó dé, gbogbo wọn á sì gba 3. Bí wọ́n bá ń wá ní 4-4, èyí àkọ́kọ́ á gba 3, tókìn 1,000 péré ni èkejì á bá, á sì gba 4. Ẹ̀kẹta á bá òfo, á gba 5, ẹ̀kẹrin á sì dé kí ẹ̀kẹta tó lọ tán. Láti ibẹ̀ ni ìlà á ti máa gùn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń béèrè jẹ́ 1,250, kò sì sí bí garawa ṣe lè tóbi tó tí á fi gbà á títí lọ.

Lórí Línúsì, àṣẹ méjì tí a ń tẹ̀ fún kọ̀ǹpútà nìyí, àkọ́kọ́ ń gbé garawa tókìn tí a ń ṣírò yìí kalẹ̀, èkejì ń fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn:

```
tc qdisc add dev eth0 root tbf rate 8mbit burst 2000000 limit 3000000
tc -s qdisc show dev eth0
```

`burst` ni bí garawa tókìn ṣe tóbi tó, `limit` sì ni àyè tí pákẹ́ẹ̀tì lè dúró sí. Báìtì ni wọ́n fi ń ka méjèèjì. Nínú ohun tí àṣẹ kejì bá kọ jáde, bí `overlimits` bá ń pọ̀ tí `dropped` kò yí padà, tókìn kàn ń tán ni, pákẹ́ẹ̀tì ń dúró de tiẹ̀. Bí `dropped` náà bá ń gòkè, àyè ìdúró ti kún. Ohun kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ: ìdánwò eré íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá kúrú jù á parí nígbà tí tókìn ṣì kù, á sì ka eré tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ kó jẹ́ kí ìdánwò náà lọ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kó sì wo ìdajì tó kẹ́yìn nìkan.