Ìdí tí àwọn fídíò kan fi ń di "Deleted video" tàbí "Private video" nínú àtòjọ YouTube

Ẹni tó bá ti ń kó fídíò jọ sínú àtòjọ YouTube, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní pléélísìtì, fún ọdún mélòó kan yóò rí i pé àwọn kan nínú wọn kò ní orúkọ mọ́. "[Deleted video]" tàbí "[Private video]" ló kù níbi tí orúkọ wà tẹ́lẹ̀, àwòrán rẹ̀ á sì ti di aláwọ̀ eérú. Nígbà mìíràn, wọn kì í tilẹ̀ hàn rárá, nítorí pé YouTube máa ń fi wọ́n pamọ́. Ẹni tó fẹ́ rí wọn lórí kọ̀ǹpútà yóò ṣí àtòjọ náà, yóò tẹ àmì ⋮ tó wà níbẹ̀, yóò sì yan "Show unavailable videos".

Ohun tó fa èyí ni pé àtòjọ kì í tọ́jú fídíò, kì í sì í tọ́jú orúkọ rẹ̀. Kóòdù fídíò náà nìkan ló ń tọ́jú, pẹ̀lú ipò tó wà àti ọjọ́ tí a fi í kún un. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí àtòjọ ni YouTube ń fi kóòdù yìí lọ béèrè orúkọ àti àwòrán. Bí ẹni tó ni fídíò bá ti pa á rẹ́, tàbí tí wọ́n ti ìkànnì rẹ̀ pa, kò sí ìdáhùn kankan mọ́, ó sì di "Deleted". Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn sọ ọ́ di ti ara rẹ̀ nìkan ni, fídíò náà ṣì wà, àmọ́ a kò gbà kí ẹlòmíràn rí orúkọ rẹ̀, "Private" nìyẹn. Ó tún ṣeé ṣe kí ẹni tó ni ín má mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀: ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2021, YouTube fúnra rẹ̀ sọ àwọn fídíò tí a kò fi síta fún ìwákiri, tí wọ́n sì ti wà lórí rẹ̀ ṣáájú ọdún 2017, di ti ìkọ̀kọ̀, àyàfi ti àwọn tó bá sọ pé àwọn kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ àtòjọ àtijọ́ ló ti ibẹ̀ ní ihò.

Kóòdù yìí ni a ó fi mọ ohun tó sọnù. Tí a bá tẹ fídíò tó di eérú náà, líǹkì rẹ̀ yóò hàn lókè, bíi ti àpẹẹrẹ yìí:

```
https://www.youtube.com/watch?v=aB3-xY7_kQ9&list=PL...&index=14
```

Àmì 11 tó tẹ̀lé "v=" ni kóòdù náà, ìyẹn "aB3-xY7_kQ9"; "index=14" sì ń sọ pé òun ni ìkẹrìnlá nínú àtòjọ. Ńṣe ni kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí a má fọwọ́ kọ ọ́, torí lẹ́tà ńlá àti kékeré yàtọ̀ síra nínú rẹ̀, ojú sì lè ṣi I mú dípò l. Ojú ewé tó ṣí yìí náà máa ń sọ ìdí tí fídíò kò fi sí mọ́, bóyá nítorí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ni tàbí nítorí pé wọ́n ti ìkànnì náà pa.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi kóòdù náà sáàárín àmì àyọlò, a ó sì wá a lórí ẹ̀rọ ìwákiri. Àmì àyọlò yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ: bí kóòdù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì -, ẹ̀rọ ìwákiri lè rò pé a ní kó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò ni. Ẹni tó bá ti pín líǹkì náà rí sábà máa ń kọ orúkọ fídíò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá so èso, ibi tó kàn ni ilé ìpamọ́ ojú ewé àtijọ́:

```
https://web.archive.org/web/*/https://www.youtube.com/watch?v=aB3-xY7_kQ9
```

Bí wọ́n bá ti ya ojú ewé náà pamọ́ rí, ọjọ́ tí wọ́n yà á yóò hàn lórí kàlẹ́ńdà. Kí a yan èyí tó pẹ́ jù, torí pé ẹ̀dà tuntun lè ti jẹ́ ti ìgbà tí fídíò ti lọ. Orúkọ àti àlàyé rẹ̀ la sábà máa ń rí níbẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí fídíò fúnra rẹ̀ ṣì ṣeé wò.

Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fídíò náà láìpẹ́, àkọsílẹ̀ ibi tí a ti dé nínú Chrome máa ń dúró fún 90 ọjọ́, orúkọ tí ojú ewé ń jẹ́ lọ́jọ́ tí a ṣí i ló sì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí nínú rẹ̀, takeout.google.com, ibi tí Google ti ń jẹ́ ká gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa, máa ń fún wa ní fáìlì àtòjọ tó ní kóòdù àti ọjọ́ tí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un. Fídíò mìíràn tí a fi kún un láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan náà sábà máa ń rán wa létí ohun tí à ń wá lọ́jọ́ yẹn.

"Deleted" kì í sábà padà wá, nítorí pé ẹni tó bá tún fídíò náà gbé jáde yóò gba kóòdù tuntun. "Private" lè padà sípò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí oní-nǹkan bá tún ṣí i sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọ àtòjọ rẹ̀ mọ́ ní láti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà kóòdù wọn, torí pé bí a bá ti yọ wọ́n kúrò nínú àtòjọ, kóòdù yẹn bá wọn lọ.