Ẹsẹ̀ Àtọwọ́dá Abẹ́ Orúnkún: Ibi Tí Ó Ti Ń Bàjẹ́, àti Ibi Tí Owó Rẹ̀ Ti Lè Wá

Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ orúnkún pín sí mẹ́ta: ihò tó dà bí ife, tí kùkùté ẹsẹ̀ ń wọ̀, páìpù àárín, àti ẹsẹ̀ rọ́bà tó ń tẹ ilẹ̀. Páìpù kì í fi bẹ́ẹ̀ fa wàhálà. Ife àti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń pinnu bóyá ẹni náà yóò ṣì máa rìn lẹ́yìn ọdún méjì, tàbí ẹsẹ̀ náà yóò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ yan ẹsẹ̀ tó béèrè bó ṣe rẹwà tó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí.

Kí wọ́n tó wọn ẹsẹ̀, ojú egbò gbọ́dọ̀ ti jinná, kí wọ́n sì ti fi báńdéèjì tó ń fà wé kùkùté títí wíwú rẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀. Pi-o-pi ni wọ́n fi ń mú àwòrán kùkùté náà. Oníṣẹ́ á wá fá àwòrán yìí níbi iṣan tó wà nísàlẹ̀ ọmọ orúnkún, nítorí pé ibẹ̀ lè gba ìwúwo ara, á sì fi kún un níbi tí egungun ti súnmọ́ awọ, kí ife má baà fún un níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yan ike pólípúrópílìn nínú ààrò títí yóò fi mọ́ gaara, wọ́n á dà á bo àwòrán náà, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde. Ike yìí, tí Àjọ Alágbèélébùú Pupa ń lò ní àwọn ilẹ̀ tí ogun ti jà bíi Kàǹbódíà, kì í jẹrà nínú omi, wọ́n sì lè fi iná tún ojú ibi tó fún ènìyàn ṣe.

Ní ti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, irú ìgbésí ayé tí ẹni náà ń gbé ló yẹ kó pinnu. Ní ìlú Jaipur ní Íńdíà, lọ́dún 1968, oníṣẹ́ ọnà Ram Chandra Sharma àti dókítà P. K. Sethi ṣe ẹsẹ̀ rọ́bà kan tí àgbẹ̀ lè fi rìn láìwọ bàtà, tó sì lè fi lóṣòó. Ẹsẹ̀ oní-fóòmù yàtọ̀ sí èyí: inú bàtà ló ti dára jù, ọ̀rinrin ilẹ̀ olóoru sì ń jẹ fóòmù náà, kódà nígbà tó bá wà nínú páálí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá rọ̀ jẹ́lẹ́, tàbí tó sán níbi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bóòtù onírin kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń fi sípánà dè, ló sábà máa ń so ó mọ́ òkè, bí ó bá sì ń dún kọ́ kọ́ nígbà ìrìn, bóòtù náà ló ṣeé ṣe kó ti tú. Ẹni tó bá bọ́ sílípáàsì tó wá wọ bàtà gìgísẹ̀ gíga yóò rí i pé orúnkún òun ń tì síwájú. Ẹsẹ̀ náà kò bàjẹ́, gíga bàtà ló yí padà.

Ká wo ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù n'Íbàdàn. Nígbà tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ̀ sí kùkùté, ó sì bá a mu. Lóṣù kẹfà, tó bá ti di ọ̀sán, orí kùkùté á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àmì pupa tó máa ń wà nísàlẹ̀ ọmọ orúnkún á sì ti gòkè bọ́ sórí ọmọ orúnkún gan-an. Kùkùté rẹ̀ ti fọn, ó sì ń rì sínú ife. Ìbọ̀sẹ̀ kejì ni àtúnṣe àkọ́kọ́. Bí ìrora bá lọ, ó ti rídìí ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ife kò bá kùkùté mu mọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn. Ife nìkan ni wọ́n máa ń pààrọ̀. Páìpù àti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ tó bá ṣì le ṣeé tún lò. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá fa gígé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ìrora lára dáadáa, nítorí náà dígí ni kí ó fi máa wo kùkùté rẹ̀ lálaalẹ́. Àmì pupa tí kò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń kìlọ̀ pé kí ó dá wíwọ̀ dúró títí oníṣẹ́ yóò fi wò ó.

Owó ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹbí àti ìjọ sábà máa ń dá. Ẹni tí yóò san ti ife kejì kì í sí nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ àgbàlagbà máa ń fẹ́ ìpààrọ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ti ọmọdé láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ní Nàìjíríà, ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: lábẹ́ òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, àjọ yìí sì lè ra ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún ẹni tó fara pa. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ láàárín ọjọ́ méje, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ìwé béèrè láàárín ọdún kan. Bí ọ̀gbẹ́ni oníbúlọ́ọ̀kù yìí bá jẹ́ alágbàṣe ojoojúmọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, bóyá ni ọ̀nà yìí fi máa là fún un.

Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ òkè òkun ta lọ́rẹ yẹ kó béèrè, kí ó tó gbà á, bóyá sípánà tó wà níbi tí yóò ti máa tún un ṣe bá bóòtù rẹ̀ mu, bóyá wọ́n ń rí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ irú rẹ̀ rà, àti bóyá owó ife kejì wà nínú ọrẹ náà.