Èrè wà nínú ìwé, owó ò sí ní báńkì: bí ìwé ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so mọ́ra

Màmá kan tó ń ta àǹkárá ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, wá bá mi lẹ́yìn ọdún tuntun pé kí n bá wọn wo ìṣirò ọdún tó kọjá. Nígbà tí mo parí ẹ̀, wọ́n wo ìwé náà títí. "Ọmọ mi, o ní mo jèrè ₦520,000. Mílíọ̀nù mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọdún, ₦1,170,000 ló ṣẹ́ kù sí báńkì. Irú èrè wo nìyẹn? Ta ló kó owó mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò kó o, Mà. Ẹ jẹ́ ká jọ wá ibi tó wọlé sí."

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀nà tó dáa jù láti fi lóye bí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí à ń ṣe lópin ọdún ṣe so mọ́ra. Ìwé èrè àti àdánù ń sọ iye tí a tà àti ohun tí títà yẹn ná wa. Ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde kò mọ nǹkan kan ju owó gan-an lọ, èyí tó wà lọ́wọ́ àti èyí tó wà ní báńkì. Bálánsì ṣíìtì ní tiẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, tó ka gbogbo ohun tí òwò ní, tó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì kọ iye tó jẹ́ ti ẹni tí a jẹ ní gbèsè àti iye tó jẹ́ ti olówò fúnra ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, torí kò sí ohun tí òwò ní tí kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, bálánsì ṣíìtì Màmá kúrú. Òwò ní ₦3,000,000 lówó. ₦2,000,000 nínú ẹ̀ jẹ́ tiwọn, wọ́n sì yá ₦1,000,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

Láàárín ọdún, wọ́n ra àǹkárá ₦3,100,000. Wọ́n san ₦2,800,000, wọ́n ṣì jẹ oníṣòwò tó ń kó ọjà fún wọn ní ₦300,000. Wọ́n ta ọjà ₦3,600,000, àmọ́ ₦900,000 nínú ẹ̀ jẹ́ àwìn tí wọn ò tíì gbà. Iye tí wọ́n fi ra èyí tí wọ́n tà jẹ́ ₦2,400,000, torí náà ọjà ₦700,000 ṣì wà lórí pẹpẹ. Owó ṣọ́ọ̀bù, iná, ọkọ̀ àti èlé orí ẹ̀yáwó gba ₦580,000. Wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ ₦500,000 tí wọ́n retí pé yóò lo ọdún márùn-ún. Wọ́n san ₦400,000 padà nínú ẹ̀yáwó, wọ́n sì mú ₦250,000 san owó ilé-ìwé ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ti èrè. Nínú ₦3,600,000 tí a tà, a yọ ₦2,400,000 tí a fi ra ọjà náà, a yọ ₦580,000 ti ìnáwó, a tún yọ ₦100,000 fún jẹnẹrétọ̀, nítorí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ ni ọdún yìí lò. Ó ku ₦520,000. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí a ò yọ. Owó tí wọ́n dá padà fún ẹgbẹ́ kì í ṣe ìnáwó, gbèsè ló dín kù. Owó ilé-ìwé náà kì í ṣe ìnáwó òwò. Olówò ló mú nínú ohun tirẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń ṣìnà: wọ́n á ka ẹ̀yáwó mọ́ ohun tó wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, wọ́n á sì kà á mọ́ ìnáwó lọ́jọ́ tí wọ́n ń san án.

Ìdè àkọ́kọ́ nìyí: èrè yẹn kò dúró sínú ìwé èrè. Ó ń lọ sínú bálánsì ṣíìtì, sí apá tó jẹ́ ti olówò. ₦2,000,000 tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀, a fi ₦520,000 kún un, a yọ ₦250,000 tí wọ́n mú: ₦2,270,000 ló di tiwọn báyìí.

Ìdè kejì ló dáhùn ìbéèrè Màmá. A mú èrè ₦520,000 yẹn kan náà, a fi bẹ̀rẹ̀ ìwé owó, a wá ń tún un ṣe títí yóò fi di owó gidi. ₦100,000 ti jẹnẹrétọ̀ tí a yọ kúrò nínú èrè kò jáde lápò ẹnikẹ́ni, torí náà a dá a padà. Àwìn ₦900,000 wà nínú ohun tí a tà, ṣùgbọ́n kò tíì dé, a yọ ọ́. Ọjà ₦700,000 tó wà lórí pẹpẹ kò kan ìwé èrè rárá, àmọ́ ọjà tí a rà ni, a yọ òun náà. Gbèsè ₦300,000 ọjà tí a ò tíì san kò tíì jáde, a fi í kún un. Ẹ ṣe é jọ: owó tí òwò fúnra ẹ̀ ná fi ₦680,000 ju èyí tó wọlé lọ, lọ́dún tó jèrè.

Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀, ₦500,000, àti ẹ̀yáwó tí a san padà pẹ̀lú owó ilé-ìwé, ₦650,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦1,830,000 tó jáde. Yọ ọ́ kúrò nínú ₦3,000,000, ₦1,170,000 ló kù. Iye tí Màmá rí ní báńkì gan-an nìyẹn.

Iye yẹn náà ni ìdè kẹta: ó gbọ́dọ̀ bá owó tó wà nínú bálánsì ṣíìtì mu. Owó ₦1,170,000, àwìn ₦900,000, ọjà ₦700,000, jẹnẹrétọ̀ tó ti di ₦400,000: ₦3,170,000. Ní òdìkejì, oníṣòwò ₦300,000, ẹgbẹ́ ₦600,000, Màmá ₦2,270,000: ₦3,170,000.

"Orí pẹpẹ àti ọwọ́ àwọn oníbàárà mi ni èrè mi wà, àbí?" Màmá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Bí owó inú ìwé méjèèjì kò bá bára mu, ẹ má kàn fi iye kan dí i. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà, kí ẹ pín in sí méjì. Bí ẹ bá ṣèèṣì fi ọjà ₦700,000 kún dípò kí ẹ yọ ọ́, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí jẹ́ ₦1,400,000. Ìdajì ẹ̀ ló máa tọ́ka sí ibi tí ẹ ti ṣe é. Bí ìyàtọ̀ bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọ nọ́ńbà méjì sí ipò ara wọn, bíi 540 dípò 450.

Ohun kan wà tí dídọ́gba kò lè fi hàn. Ká ní oníbàárà kan tó jẹ ₦200,000 nínú àwìn yẹn ti kó kúrò nílùú, tí kò sì ní san mọ́. Èrè Màmá á já sí ₦320,000, àwìn á di ₦700,000, tiwọn á di ₦2,070,000, ìwé á sì tún dọ́gba. Kó tó di pé a ṣàtúnṣe yìí náà, ó ti dọ́gba. Mo ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń béèrè pé ìgbà wo ni onítọ̀hún san owó kẹ́yìn. Kò sí ìwé kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè bá wa ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ìwé owó ṣe pẹ̀lú èrè tuntun yẹn, ẹ ó rí i pé ₦1,830,000 tó jáde kò yí padà rárá, torí ₦200,000 yẹn kò fìgbà kan wọlé.