Ohun tí òfin ń béèrè kí àjèjì tó di ọmọ Bìrìtéènì

Àjèjì tó ti pé ọmọ ọdún 18 lè kọ̀wé béèrè láti di ọmọ Bìrìtéènì lábẹ́ abala kẹfà Òfin Jíjẹ́ Ọmọ Bìrìtéènì ti ọdún 1981. Fọ́ọ̀mù AN ni wọ́n ń kọ, Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin sọ pé mínísítà lè fún ẹni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n ní ìwé ọmọ onílùú, kò sọ pé ó di dandan fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n bá dá ìwé rẹ̀ padà kò fi ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí rẹ̀. Ó lè fi fọ́ọ̀mù NR bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó lè ní kí ilé ẹjọ́ wò ó bóyá wọ́n tẹ̀lé òfin nínú ìpinnu wọn, tàbí kí ó san owó mìíràn kó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù tó ti san kì í padà wá.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ: ọdún tí èèyàn ti gbé ní ìlú, ọjọ́ tó lò lẹ́yìn odi, èdè, ìdánwò nípa ìgbé ayé ní Bìrìtéènì, àti ìwà. Ọjọ́ kíkà ló gba àlàyé jù nínú wọn, torí pé ẹni tí kò ṣẹ̀ sí òfin kankan rí lè fi ìṣírò rẹ̀ pàdánù owó tabua.

Ọdún àti ọjọ́

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Bìrìtéènì ní láti ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kó má sì ti kúrò nílùú ju ọjọ́ 270 lọ láàárín wọn. Gbàrà tó bá ti gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke ló lè kọ fọ́ọ̀mù. Gbogbo àwọn yòókù ń ka ọdún márùn-ún, ọjọ́ 450 sì ni òté wọn. Ìwé ìgbélùú wọn tí kò ní gbèdéke gbọ́dọ̀ ti pé oṣù méjìlá lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀nà méjèèjì, èèyàn kò gbọdọ̀ ti lo ju ọjọ́ 90 lọ lẹ́yìn odi nínú oṣù méjìlá tó kẹ́yìn.

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka àkókò náà, láti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn kọ́kọ́ balẹ̀ sí Ìlú Ọba ni ìṣírò ti ń bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá wọlé ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọdún márùn-ún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Ẹni náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ Bìrìtéènì lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí gan-an. Erékùṣù Man àti àwọn Erékùṣù Channel náà wà nínú ohun tí wọ́n ń kà sí ilẹ̀ Bìrìtéènì nínú ìṣírò yìí.

Ọjọ́ tí èèyàn bá lò tán pátápátá lẹ́yìn odi nìkan ni wọ́n ń kà. Wọn kì í ka ọjọ́ tó jáde, wọn kì í sì í ka ọjọ́ tó wọlé padà. Ẹni tó jáde lọ́jọ́ Ẹtì tó sì padà wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò pàdánù ọjọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó dé sí Bìrìtéènì ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó sì gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke ní ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ó fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, nítorí pé ìwé náà ti pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ìwé ìrìnnà rẹ̀ wò, ó rí i pé òun rìnrìn àjò lọ sìnkú ní ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ ọdún 2020, òun kò sì padà títí di ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án. Kò sí nílùú ní ọjọ́ 11 tí ọdún márùn-ún rẹ̀ ì bá bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2022 ni òfin ti fún mínísítà láǹfààní láti mójú kúrò lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ìdí pàtàkì bá wà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tó lè dúró fún ọjọ́ méjìlá péré lọ máa bẹ̀bẹ̀. Ó sún ọjọ́ rẹ̀ sí 22, oṣù kẹsàn-án, kí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún márùn-ún náà lè bọ́ sí ọjọ́ 23, nígbà tó ti padà sí Bìrìtéènì.

Ó wá ka ìrìn àjò tó kù. Èkíní, ó jáde ní ọjọ́ 10, oṣù kejìlá ọdún 2021, ó wọlé ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní ọdún 2022: ọjọ́ 32. Èkejì, ó jáde ní ọjọ́ 3, oṣù keje ọdún 2023, ó wọlé ní ọjọ́ 30, oṣù kẹjọ: ọjọ́ 57. Ẹ̀kẹta ni èyí tó gùn jù. Ó jáde ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó wọlé ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní ọdún 2025: ọjọ́ 106. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 195, kò sì súnmọ́ 450 rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé inú oṣù méjìlá tó kẹ́yìn ni gbogbo ọjọ́ 106 náà bọ́ sí, ó sì fi 16 lé ní 90.

Ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ń tẹ̀lé gbà wọ́n láyè láti mójú kúrò bí ọjọ́ ọdún tó kẹ́yìn kò bá ju 100 lọ. Bí àpapọ̀ ọdún márùn-ún náà kò bá ju 480 lọ, wọ́n sábà máa ń gbójú fò ó bákan náà. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé òun, ẹbí òun àti ohun ìní òun wà ní Bìrìtéènì, kó sì sọ ìdí tó fi pẹ́ lẹ́yìn odi. Ọjọ́ 106 ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń mójú kúrò láìbéèrè ìdí. Nọ́ọ̀sì yìí lè kọ lẹ́tà àlàyé mọ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dájú jù ni kó tún dúró. Bó bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá ọdún 2025, oṣù méjìlá tó kẹ́yìn yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 21 oṣù náà, tó jẹ́ ọjọ́ 16, yóò ti bọ́ sóde. Ohun tó kù jẹ́ 90 géérégé, òfin sì gbà á. Bó bá tilẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan sí i kó tó fi ránṣẹ́, àṣìṣe ọjọ́ kan nínú ìṣírò kò ní lè bà á jẹ́.

Ìwé ìrìnnà nìkan kò tó fún irú kíkà yìí. Bìrìtéènì kì í lu òǹtẹ̀ fún ẹni tó ń jáde, ẹ̀rọ ẹnubodè kì í sì í lu òǹtẹ̀ fún ẹni tó ń wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó wà nínú ímeèlì àti àkọsílẹ̀ ìsinmi níbi iṣẹ́ ni èèyàn fi ń dí àlàfo náà. Ìwé ìrìnnà àtijọ́ tó ti kú kò ṣe é jù nù.

Èdè

Òfin gba Gẹ̀ẹ́sì, Wẹ́ẹ̀ṣì tàbí Gélíìkì ti Skọ́tíláǹdì. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ń lò, ìpele B1, ìyẹn ìpele àárín, nínú sísọ àti gbígbọ́ ni wọ́n sì ń béèrè. Wọn kò béèrè kíkà àti kíkọ. Ẹni tó ti pé ọdún 65, tàbí tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kò jẹ́ kó lè kọ́ èdè, wà lára àwọn tí wọ́n yọ kúrò.

Ọmọ orílẹ̀-èdè bíi Jàmáíkà, Kánádà tàbí Amẹ́ríkà kò ní láti mú ẹ̀rí mìíràn wá ju ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ. Nàìjíríà, Gánà àti Íńdíà kò sí lórí àkọsílẹ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì wọn. Ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí tó gboyè nílé gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ Ecctis, iléeṣẹ́ tó ń fi oyè òkèèrè wé ti Bìrìtéènì, ìwé tó ń jẹ́rìí pé oyè náà bá ti Bìrìtéènì dọ́gba àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Oyè tí èèyàn gbà ní yunifásítì Bìrìtéènì kò nílò ìyẹn. Ẹni tí kò ní oyè yóò ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ọdún méjì ni èsì rẹ̀ fi ń wà láàyè, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti gbà ní ìpele B1 nígbà ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke ṣì wúlò, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá. Ó dunni láti rí ẹni tó tún náwó sórí ìdánwò tí wọn kò bi í.

Ìdánwò nípa ìgbé ayé ní Bìrìtéènì dá dúró lọ́tọ̀, kò rọ́pò ti èdè: ìbéèrè 24 láàárín ìṣẹ́jú 45, ẹni tó bá gba 18 ti yege, èsì náà kì í sì í kú.

Ìwà ọmọlúàbí

Òfin kò túmọ̀ ohun tí ìwà rere jẹ́. Ìlànà iléeṣẹ́ ló ń sọ ọ́, ó sì ń yí padà. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún rí kì í sábà rí ìwé gbà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Láti ọjọ́ 10, oṣù kejì ọdún 2025 ni wọ́n ti ń ṣe bákan náà fún ìwé tuntun tó bá wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wọ ìlú láìbófin mu. Ẹni tó parọ́ fún iléeṣẹ́ náà láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wà nínú ewu kan náà. Wọ́n tún ń wo gbèsè owó orí. Bí owó tí èèyàn sọ pé òun ń gbà nígbà tó ń wá físà bá yàtọ̀ sí èyí tó sọ fún àwọn agbowó orí, wọn yóò béèrè ìdí.

Ohun tó ń kó àwọn aláìṣẹ̀ sí wàhálà ni ìbéèrè nípa ẹjọ́. Ẹni tó bá san owó ìtanràn eré àsápajúdé tí ọlọ́pàá fi ránṣẹ́ kò tíì jẹ̀bi níwájú ilé ẹjọ́, wọn kì í sì í sábà ka ẹyọ kan sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà náà bá lọ sí ilé tó ti kó kúrò, tí kò sì dáhùn, adájọ́ lè dá a lẹ́bi láìsí níbẹ̀. Ìdálẹ́bi ilé ẹjọ́ nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ hàn lórí fọ́ọ̀mù. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2012 ni òfin tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ kúrò lórí èèyàn kò ti bo ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ onílùú mọ́, nítorí náà èyí tó ti pẹ́ náà kò ṣe é fò. Ó yẹ kí awakọ̀ wo àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó kọ "rárá". Ìtanràn kékeré tí èèyàn jẹ́wọ́ kì í sábà ba ìwé jẹ́, àmọ́ bíbò ó mọ́lẹ̀ lè bà á jẹ́.

Ẹlẹ́rìí méjì ló ń fọwọ́ sí i pé àwọn mọ ẹni náà, ó kéré tán fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ní iṣẹ́ àmọ̀dájú, bíi olùkọ́ tàbí oníṣirò owó, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́. Èkejì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì, kó sì jẹ́ oníṣẹ́ àmọ̀dájú tàbí kó ti ju ọdún 25 lọ. Ẹbí kò gbọdọ̀ ṣe é, àwọn ẹlẹ́rìí náà kò gbọdọ̀ bára wọn tan, lọ́yà tó ń bá a ṣètò ìwé kò sì gbọdọ̀ wà lára wọn.

Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, lẹ́tà ìkésíni sí ayẹyẹ ìbúra yóò dé, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì fún un láti lọ. Títí di ọjọ́ tó bá búra, àjèjì ṣì ni, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún iléeṣẹ́ náà bí ohunkóhun bá yí padà, títí kan ẹjọ́ tuntun.