Gbígbin irọ́ sí kàṣì DNS, àti ìbéèrè tó ń kẹ́rù

DNS ni ètò tó ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀, kàṣì sì ni ibi tí sáfà DNS ń tọ́jú èsì tó ti gbà sí fún ìgbà díẹ̀. Ẹlẹ́tàn lè ti èsì èké bọ inú kàṣì yìí; àwọn olùtumọ̀ kan ti sọ ọ́ di àṣà láti máa pe ìkọlù yìí ní “fífún kàṣì ní májèlé”, n kò sì gbà. Ẹni tó jẹ májèlé yóò ṣàìsàn, ara rẹ̀ yóò sì sọ fún un. Sáfà tí wọ́n purọ́ fún kò ṣàìsàn rárá: ńṣe ló ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn wéréwéré, tí ó sì ń pín irọ́ náà bí òótọ́ títí àkókò tí wọ́n dá fún un yóò fi pé. Ohun tí wọ́n gbìn ló ń hù níbẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní gbígbin irọ́ sí kàṣì.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó ránṣẹ́ lọ béèrè ọ̀nà ilé kan, tó sì pinnu pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé pẹ̀lú nọ́ńbà tí òun kọ sórí ìwé ni òun yóò gbà gbọ́. Oríṣi nọ́ńbà tó lè wà lórí ìbéèrè DNS kò ju 65,536 lọ, ẹlẹ́tàn sì lè máa méfò rẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ẹlẹ́tàn bá ṣì í, èsì òótọ́ yóò wọ kàṣì, yóò sì ní láti dúró kí ó tó tún gbìyànjú. Ní ọdún 2008 ni Dan Kaminsky fi hàn pé kò pọn dandan kí ó dúró: kí ó sáà máa béèrè `a1.example.com`, `a2.example.com` àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ tí kò sí nínú kàṣì, kí ó sì fi kún èsì èké kọ̀ọ̀kan pé sáfà tirẹ̀ ló ń dáhùn fún gbogbo `example.com`. Ọ̀kan péré tó bá bọ́ sí i ti tó.

Àtúnṣe kíákíá ni pé kí ojú ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà jáde náà máa yí padà láìlétò, kí ẹlẹ́tàn lè ní nǹkan méjì láti mọ̀ papọ̀. Èyí mú kí ó nira, kò dí i pa. DNSSEC ló ń fi ìbuwọ́lù dá èsì mọ̀, bí onílé, ìyẹn ẹni tó ni orúkọ náà, bá buwọ́ lù ú, tí sáfà sì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

“Gbígbẹ́ ihò” tí wọ́n ń pe ìkọlù kejì, èyí tó ń fi ìbéèrè DNS kó fáìlì jáde, bí mi nínú jù. Ta ló gbẹ́ ihò? Ojú ọ̀nà 53 tí DNS ń gbà ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tó ń kẹ́rù ni: kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti gbà mọ́ni lọ́wọ́ yóò gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, yóò sọ ọ́ di lẹ́tà, yóò sì fi wọ́n ṣe orúkọ lábẹ́ àdírẹ́sì ẹlẹ́tàn. Abala kan nínú orúkọ kò lè ju lẹ́tà 63 lọ, nítorí náà ìbéèrè yóò pọ̀ gan-an. Sáfà yín fúnra rẹ̀ ni yóò gbé wọn lọ bá a, èsì yóò sì gbé àṣẹ padà wá.

DNSSEC kò lè dá èyí dúró, torí pé ẹlẹ́tàn ló ni àdírẹ́sì náà, onílé gan-an ló sì ń dáhùn. Bí ẹ bá fi dandan lé e pé kí gbogbo ìbéèrè gba ọwọ́ sáfà yín kọjá, ẹ óò kàn rí wọn ni. Iṣẹ́ tó kù ni kíka orúkọ gígùn, tí kò jọ ọ̀rọ̀, tí kì í tún ara rẹ̀ béèrè, tí gbogbo wọn sì wà lábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo.