Afẹ́fẹ́ agòkè àti yìnyín tó di òkúta ńlá

Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé yìnyín fún ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá orúkọ gidi fún afẹ́fẹ́ tó ń gbéra nílẹ̀ wọ inú ṣíṣú òjò lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fi yìnyín lu páànù wa ní Òṣogbo báyìí, "ọ́pídíráfùtì" ni màá tún máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣàlàyé ojú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní "ìfàsókè". Èyí dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: kò sí ohunkóhun lókè tó ń fa afẹ́fẹ́ náà. Ilẹ̀ tó ti ń yá oòrùn láti àárọ̀ ló mú un gbóná. Bó ti ń gòkè, ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń di ẹ̀kán omi, ìyẹn sì tún ń tú ooru sínú rẹ̀, ó wá fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ohun tó bá sì fúyẹ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń fà á kó tó léfòó. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní afẹ́fẹ́ agòkè, n kò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "atẹ́gùn òkè". Ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní jiọ́gíráfì ló ń lò ó, mo sì ti bá a jà lórí rẹ̀ títí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, atẹ́gùn òkè ti ní ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó ní, "Ṣé kì í ṣe òkè náà ni méjèèjì wà ni?" Mo ní, "Wọ́n wà lókè lóòótọ́, sà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń gòkè ṣánṣán, èkejì ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá." Atẹ́gùn òkè gidi ni èyí tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4 lókè orí wa, tó sì máa ń ti ìjì wa lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Gbogbo ará Òṣogbo ló mọ̀ pé ọwọ́ ìlà oòrùn ni òjò tó bá ní ìjì nínú ti máa ń ṣú bọ̀. Kì í ṣe àríyànjiyàn lásán ni mò ń ṣe. Yìnyín ńlá nílò atẹ́gùn méjèèjì, iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí a bá sọ wọ́n lórúkọ kan náà, kò sí bí a ṣe lè ṣàlàyé ìdí tí yìnyín kan fi tó ẹ̀pà, tí òmíràn sì ju ẹ̀ṣẹ́ àgbàlagbà lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ gbà sílẹ̀ ni omi akọ̀dì. Àwọn kan ń pè é ní "omi tútù jù", ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò rò pé omi inú fíríjì ni wọ́n ń sọ. Títutù rẹ̀ kọ́ ni ìyanu. Ìyanu rẹ̀ ni pé ó ti tutù kọjá ibi tó yẹ kó dì, síbẹ̀ omi ni. Ẹ̀kán omi tíńtìntín tó mọ́ tónítóní kì í ṣàdédé dì. Ó ń wá ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, yálà eruku tó bá a mu tàbí yìnyín tó ti wà nílẹ̀. Bí kò bá rí i, ó lè wà ní omi títí ìgbóná-òun-ìtutù yóò fi sún mọ́ dígírì 40 lábẹ́ òdo. Ṣùgbọ́n bó bá ti fara kan yìnyín báyìí, kíá ló dì mọ́ ọn. Oúnjẹ tí yìnyín ń jẹ nìyẹn.

Kóró tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré. Ó lè jẹ́ ẹ̀kán òjò tó dì, ó lè jẹ́ horo funfun rọ̀bọ̀tọ̀ tí omi akọ̀dì ti ń lẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí ìbú rẹ̀ fi tó mìlímítà 5. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní nínú àyè tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1, omi akọ̀dì tó wà níbẹ̀ jẹ́ gíráàmù 3. Omi yẹn kò kún ṣíbí ìpotíì. Ká tún ní kóró náà ń já gba inú afẹ́fẹ́ yìí kọjá ní mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gbogbo omi tó kọlù bá dì mọ́ ọn lára, ìbú rẹ̀ yóò máa fi nǹkan bíi mìlímítà 2 lé sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ní ìṣẹ́jú 10, ó ti fi sẹ̀ǹtímítà 2 lé e. Ní ìṣẹ́jú 20, ó di sẹ̀ǹtímítà 4. Omi kì í sábà jẹ́ ìṣòro nínú ìjì tó lágbára. Àkókò ni ìṣòro: báwo ni ohun tó ń wúwo sí i yóò ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lókè kó tó já bọ́?

Ẹ wo ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ó gbé atẹ sókè, ó ń dà á sínú atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀. Ìyàngbò fúyẹ́, atẹ́gùn gbé e kọjá ọgbà. Ẹ̀wà wúwo, ó já sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàngbò tó ń di ẹ̀wà lófuurufú ni yìnyín. Bí afẹ́fẹ́ agòkè bá le jù nígbà tó ṣì fúyẹ́, yóò gbé e dànù kó tó wúwo. Bí afẹ́fẹ́ náà bá sì rọ̀ jù, ó já bọ́ nígbà tó ṣì kéré. Èyí tí yóò di ńlá ni èyí tí agbára afẹ́fẹ́ ń bá ìwúwo rẹ̀ pọ̀ sí i ní ìdọ́gba.

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò dé. Wọ́n rò pé ibi tí afẹ́fẹ́ agòkè ti le jù ni yìnyín ti ń dàgbà jù. Ibi tí yìnyín ti ń yára dàgbà wà láàrin dígírì 10 àti 30 lábẹ́ òdo, ibẹ̀ kò sì nípọn ju bíi kìlómítà 3 lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gòkè ní mítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá 75 péré ni yóò fi là á kọjá. Kóró kékeré tó bá ṣèèṣì bọ́ sáàárín gbùngbùn rẹ̀ kò ní rí ju mìlímítà kan péré kó jọ kí afẹ́fẹ́ tó tú u dà sí orí òjò lókè, níbi tí ohun gbogbo ti di yìnyín wẹ́wẹ́, tí kò sí omi mọ́. Kóró tó ríre ni èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, níbi tí afẹ́fẹ́ agòkè kò tíì le púpọ̀, tó wá ń sún wọ inú bó ti ń wúwo. Yìnyín tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 máa ń já bọ́ ní nǹkan bíi mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; èyí tó bá tó sẹ̀ǹtímítà 5 máa ń tó 25 sí 30. Nítorí náà, bó bá ń sún láti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè ní 10 lọ sí ibi tó ti ń gòkè ní 30, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan lófuurufú, omi akọ̀dì yóò sì máa bá a níbẹ̀.

Ta ló ń sún un? Atẹ́gùn òkè ni, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Nínú àwọn ìjì ńlá tí gbogbo afẹ́fẹ́ agòkè wọn ń yí po, afẹ́fẹ́ agòkè náà lè fẹ̀ tó kìlómítà 10. Bí atẹ́gùn bá ń sún yìnyín kọjá nínú rẹ̀ ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò tó ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀ kó tó dé òdìkejì. Ẹ fi wé ìṣirò wa àkọ́kọ́. Bí afẹ́fẹ́ agòkè bá tóóró, bó ti wù kó le tó, yìnyín á gba inú rẹ̀ kọjá kí àkókò tó pé.

Èyí ni kò jẹ́ kí n gba àlàyé tó gbòde, pé yìnyín ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó tún ń padà sókè, àti pé iye ìgbà tó lọ ni iye awẹ́ tó ń hàn nínú rẹ̀ bí a bá là á sí méjì. Awẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, funfun lórí èyí tó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n omi tó bá ń dì ń tú ooru sílẹ̀. Níbi tí omi akọ̀dì bá ti pọ̀, ooru yẹn kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dì lẹ́ẹ̀kan náà. Omi á tàn ká ara yìnyín, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, awẹ́ tó mọ́ gaara ni a ó rí. Níbi tí omi kò bá ti pọ̀ tàbí tó bá ti tutù jù, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń dì, ó há afẹ́fẹ́ mọ́ inú, awẹ́ náà á funfun. Ìrìn kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì tó láti gbé awẹ́ púpọ̀ jáde, nítorí omi inú òjò kì í dọ́gba. Ibi tí yìnyín gbà ni awẹ́ ń sọ, kì í sọ iye ìgbà tó gbà á.

Yìnyín tí ìbú rẹ̀ tóbi jù nínú èyí tí wọ́n wọ̀n ní Amẹ́ríkà bọ́ ní ìlú Vivian, ní ìpínlẹ̀ Dakótà Gúúsù, ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, 2010. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ó wúwo tó gíráàmù 880. Ó ti yọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, nítorí iná lọ nígbà tó wà nínú fírísà ẹni tó ṣà á. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò rí roboto. Gọ̀ǹgọ̀-gọ̀ǹgọ̀ ni ara rẹ̀ yọ, nítorí ibi tó bá ti yọ síta díẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹ̀kán omi, ibẹ̀ ni yóò sì túbọ̀ máa yọ. Ara gọ̀ǹgọ̀-gọ̀ǹgọ̀ yẹn tún ń mú kí afẹ́fẹ́ rí i gbá mú, kì í já bọ́ kíákíá tó èyí tó rí roboto tí wọ́n jọ wúwo bákan náà. Èyí tó wúwo jù ú lọ bọ́ ní Gòpálgánjì, ní Bangladéṣì, ní oṣù Kẹrin 1986. Ó lé ní kìlógíráàmù 1, ìjì náà sì pa ènìyàn 92.

Ní Òṣogbo, ìrìn yìnyín kì í parí síbi tó ti jáde kúrò nínú afẹ́fẹ́ agòkè. Lọ́dọ̀ wa, nǹkan bíi kìlómítà 4 àbọ̀ lókè ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ sì móoru. Yìnyín tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 yóò lo ìṣẹ́jú 6 tàbí 7 nínú ooru yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì ti di omi kó tó kan páànù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Jọ́ọ̀sì, tí ilẹ̀ wọn ga tó bíi mítà 1,200, fi ń rí i jù wá lọ. Èyí tí àwọn ọmọ wa ń sáré ṣà lágbàlá máa ń dán, ó máa ń tutù rinrin lọ́wọ́, etí rẹ̀ á sì ti yọ́ kúnná: àjẹkù ohun tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lókè ni. Àwọn ẹ̀kán òjò ńláńlá tó tutù bíi yìnyín, tó máa ń ṣáájú ìjì àkọ́rọ̀ balẹ̀ gbì-gbì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ yìnyín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn.