Òkúta inú àpò òróòro: ìrora tó ń fà, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n yọ àpò náà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní òkúta nínú àpò òróòro ni kò mọ̀ rárá. Wọ́n lọ ṣe síkáànù nítorí oyún tàbí nítorí kíndìnrín, ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò sì sọ fún wọn pé òun rí òkúta. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn wà tí òkúta yìí ń dá lóró gan-an, tó jẹ́ pé oògùn ọgbẹ́ inú ni wọ́n ń gbé mì láti oṣù dé oṣù. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ìrora kan tó ní ìwà tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìwà ìrora náà ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, ìdajì lítà sí lítà kan lójúmọ́. Àpò òróòro rọ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀, lápá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà. Òun kọ́ ló ń ṣe òróòro, ó kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Kò gbà ju nǹkan bí 30 sí 50 mìlílítà lọ, nítorí náà ó máa ń fa omi kúrò nínú òróòro tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè ki. Bí oúnjẹ ọlọ́ràá bá ti dé inú ìfun kékeré, ìfun á tú họ́mọ́ọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀, àpò á fún ara rẹ̀ pọ̀, òróòro á sì gba ojú ọ̀nà tóóró kan jáde lọ bá oúnjẹ náà kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè dà.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wà nínú òróòro, kò sì lè yọ́ nínú omi. Iyọ̀ òróòro àti ọ̀rá kan tó ń jẹ́ lẹsitíìnì ló ń yí i ká tí wọ́n sì ń gbé e lọ. Bí ó bá ti pọ̀ ju ohun tí àwọn méjèèjì lè gbé lọ, èyí tó ṣẹ́ kù á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, bí iyọ̀ tí a dà sínú omi títí omi kò fi lè gbà á mọ́. Àwọn hóró tíntìntín á lẹ̀ mọ́ omi yíyọ̀ tí ara àpò náà ń tú jáde, wọ́n á di gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Níbi tó bá dé yìí, ọwọ́ àpò ni gbogbo rẹ̀ kù sí. Bí ó bá ń fún ara rẹ̀ dáadáa, á gbá gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà jáde. Bí ó bá ń lọ́ra, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á jókòó síbẹ̀, á sì máa nípọn fún ọ̀pọ̀ ọdún títí tí yóò fi di òkúta.

Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kún òróòro, tàbí tó bá ń mú kí àpò máa lọ́ra, ló ń fa òkúta. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin fi ń ní in ju ọkùnrin lọ: họ́mọ́ọ̀nù ẹ́sítírójẹ̀nì máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ da kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀ sínú òróòro, ìbáà jẹ́ èyí tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tó wà nínú oògùn. Nígbà oyún, họ́mọ́ọ̀nù mìíràn tún máa ń mú kí àpò náà rọ jọwọrọ. Lẹ́yìn ìbímọ, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó kó jọ nígbà oyún sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀, pàápàá láti 40 ọdún lọ sókè, àti sísanra jù, àtọ̀gbẹ, àti kí òbí tàbí ọmọ ìyá ẹni ti ní in rí.

Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé títètè fọn gan-an fún ẹni tó sanra náà ń fa òkúta. Bí ara bá ń yára jó ọ̀rá tó ti fi pamọ́, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ọ̀rá náà ń gba inú ẹ̀dọ̀ bọ́ sínú òróòro, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹni náà kò jẹ ọ̀rá tó lè mú kí àpò fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń fọn ju kílò kan àtààbọ̀ lọ lọ́sẹ̀ kan ti ń wọ inú ewu yìí. Ó dára kí ẹni tó sanra fọn, ṣùgbọ́n kí ó rọra ṣe é, kí ó má sì gé ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ pátápátá.

Òkúta mìíràn wà tí kò bá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tan. Ó dúdú, ó sì máa ń wà lára àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń fọ́ lemọ́lemọ́ ń tú ohun pupa rúsúrúsú kan tó ń jẹ́ bilirúbínì sílẹ̀, èyí ló sì ń di òkúta. Ọmọdé pàápàá lè ní irú èyí. Bí ọmọ tó ní àrùn náà bá ń sọ pé inú ń dun òun lápá ọ̀tún lókè, kí a má kàn kà á sí ìrora tó ti mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìrora náà. Òkúta tó wà nínú àpò tí kò dí ohunkóhun kì í dun ni. Ìgbà tí àpò bá fún ara rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tí òkúta sì há sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, nítorí àpò náà ń tì í, òkúta kò sì kúrò.

Ẹ wo obìnrin ẹni ọdún 42 kan. Ó jẹun alẹ́, ó sùn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ìrora jí i. Àárín òkè ikùn, lábẹ́ igbá àyà, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sún sí abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ó sì lọ sí ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun èjìká ọ̀tún. Láàárín ìdajì wákàtí ó ti le dé góńgó, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ gbọnin, kò lọ kí ó bọ̀ bí inú rírun. Ó dìde, ó jókòó, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò sí èyí tó gbà á. Ó yàgbẹ́, kò yàtọ̀. Ó lo oògùn ọgbẹ́ inú, kò yàtọ̀. Ó bì, ó làágùn. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ó lọ, bí ẹni pé kò dé rí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ó tó tún dé. Láàárín ìgbà méjèèjì, ara rẹ̀ le koko.

Ìṣe òkúta òróòro nìyẹn. Ìnira ọgbẹ́ inú tàbí ti afẹ́fẹ́ inú sábà máa ń wà lójoojúmọ́, ó ń jóni, oògùn rẹ̀ sì máa ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Inú wíwú àti gígùnfẹ̀ nìkan kì í ṣe àmì òkúta. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹni kan ní, tí wọ́n sì yọ àpò rẹ̀ nítorí pé síkáànù rí òkúta, ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ máa wú lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Síkáànù tó ń lo ìró ni wọ́n ṣe fún obìnrin náà, lẹ́yìn tí ó ti gbààwẹ̀ wákàtí mẹ́jọ kí àpò lè kún. Àwòrán ẹ́síréè lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ òkúta náà ni kì í hàn lórí rẹ̀. Wọ́n rí òkúta mẹ́rin, èyí tó tóbi jù jẹ́ mìlímítà 9, tí òjìji dúdú wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí obìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, wọ́n yí lọ sí ibòmíràn nínú àpò, èyí tó fi hàn pé òkúta ni, kì í ṣe ẹran tó hù sára àpò. Ara àpò náà fẹ́lẹ́, kò tó mìlímítà 3, ojú ọ̀nà òróòro kò sì wú. Bilirúbínì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lọ sókè. Gbogbo èyí wí pé òkúta ṣì wà nínú àpò, kò tíì bọ́ sí ojú ọ̀nà, àpò kò sì tíì gbiná.

Ìmọ̀ràn tí dókítà fún un ni kí wọ́n yọ àpò náà, tí wọ́n á fún un lọ́jọ́, láìsí ìkánjú. Ìdí ni pé bí ìrora yìí bá ti dé lẹ́ẹ̀kan, ó sábà máa ń padà wá, ọjọ́ kan sì lè jẹ́ ọjọ́ tí kò ní lọ. Ká ní òkúta kan náà ni wọ́n bá lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó dùn ún rí, ìmọ̀ràn ì bá yàtọ̀: kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìrora ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan, ọ̀pọ̀ ò sì ní ní in títí ayé. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ tiwọn láìdùn wọ́n: ẹni tí òkúta rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, tàbí tí ẹran tó tó mìlímítà 10 hù sínú àpò náà, nítorí ewu jẹjẹrẹ.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ni èyí tí kò gba ọjọ́ tí a dá. Bí ìrora bá kọjá wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ibà wà, tí dókítà tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún tó ní kí aláìsàn mí sínú, tí èémí sì há mọ́ ọn lọ́fun nítorí dídùn, àpò ti gbiná. Ilé ìwòsàn ló kàn, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ yọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ojú bá di pupa rúsúrúsú, tí ìtọ̀ dúdú, tí ìgbẹ́ funfun, òkúta ti dí ojú ọ̀nà. Bí ibà tó ń gbọ̀n ni bá tún bá a rìn, kòkòrò àrùn ti wọ inú òróòro tó há náà. Ìyẹn lè pani láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìrora àárín ikùn tó gún dé ẹ̀yìn pẹ̀lú èébì tí kò dáwọ́ dúró lè jẹ́ ti pánkíríásì, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, nítorí òkúta tó kéré lè dí ẹnu ọ̀nà tí òun àti òróòro jọ ń lò.

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè ìdí tí wọn kò fi yọ òkúta nìkan. Carl Langenbuch, tó kọ́kọ́ yọ àpò òróòro ní Berlin ní 1882, ti rí i pé àpò tó ń ṣe òkúta ni àrùn náà. Bí àpò bá wà, òkúta mìíràn á tún dì. Oògùn kan wà, ọsodáyọ́ọ̀lù, tó lè yọ́ èyí tó kéré tó sì jẹ́ ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ó gba oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, ó sì tó ìdajì àwọn tó yọ́ fún tí ó tún padà wá bá láàárín ọdún márùn-ún. Ní ti òróró ólífì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ní kí a mu kí òkúta lè bá ìgbẹ́ jáde, àwọn hóró àwọ̀ ewé tó ń jáde yẹn, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò: òróró náà ló di ọṣẹ nínú ìfun. Òkúta ṣì wà níbi tó wà.

Lónìí, ihò kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lu sí ikùn, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ fẹ ikùn, wọ́n á sì fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo ibi tí wọ́n ń gé. Ọ̀pọ̀ ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ewu tí oníṣẹ́ abẹ ń bẹ̀rù jù ni kí ó gé ojú ọ̀nà òróòro gan-an dípò ti àpò. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni ó ṣe lè la ikùn bí ojú ibẹ̀ kò bá mọ́. Lẹ́yìn náà, òróòro á máa ṣàn tààrà láti ẹ̀dọ̀ sínú ìfun. Oúnjẹ ṣì ń dà, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń yàgbẹ́ olómi fún ìgbà díẹ̀. Bí ojú bá pọ́n rúsúrúsú, tí ibà dé, tàbí tí ìrora inú ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹni náà ti délé, kí ó padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an: ó lè jẹ́ òróòro ló ń jò, tàbí òkúta kan ti ṣẹ́ kù sí ojú ọ̀nà.